Omi Tó Ń Kán Lábẹ́ Hítà: Àkọsílẹ̀ Kéékèèké láti Ìsọlọ̀

Ẹni kẹta

Ní ilé wa ní Ìsọlọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀ kì í mọ̀ pé omi gbígbóná lópin. Ẹni kejì náà kì í mọ̀. Ẹni kẹta ló máa ń pariwo. Omi náà kì í rọra tutù bí ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé kalẹ̀. Ó máa ń gbóná bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á tutù láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Inú àgbá ni ìdí rẹ̀ wà. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tutù lọ, ó sì máa ń léfòó sórí rẹ̀ bí epo ṣe ń léfòó sórí ọbẹ̀. Páìpù méjì ló wọ hítà tí a gbé kọ́ sára ògiri, ìsàlẹ̀ ni méjèèjì sì gbà wọlé. Èyí tó ní àmì búlúù ni omi tutù ń gbà wọlé. Kò gùn nínú lọ́hùn-ún, ìdí àgbá ló dópin sí. Èyí tó ní àmì pupa ni omi gbígbóná ń gbà jáde. Òun gùn, ó dìde títí dé ìtòsí òrùlé àgbá, kó lè máa mú omi tó gbóná jù. Bí a ṣe ń lo omi ni omi tutù ń wọlé nísàlẹ̀, tó ń gbé ti òkè sókè. Nígbà tí omi tutù bá fi máa dé ẹnu páìpù gígùn yẹn, ẹni kẹta ti fi ọṣẹ kun gbogbo ara.

Ibí yìí náà la ti ń mọ̀ bí púlọ́mbà bá gbé páìpù méjèèjì síra wọn. Bí omi bá gbóná nínú ìgò àkọ́kọ́ tí a bù, tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí gárawá kan tó kún, bẹ́ẹ̀ hítà ti tan fún wákàtí méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ àgbá ni a ti ń bu omi.

Tánkì tó gbẹ

Omi gbígbóná kì í dá jáde. Omi tutù ló ń tì í. Bí tánkì orí ìdúró bá gbẹ, 50 lítà omi gbígbóná lè kún inú hítà bámúbámú kí ẹnu ẹ̀rọ má sì kán ẹ̀kán kan.

Ewu wà nínú ọjọ́ tí tánkì bá gbẹ, ewu náà kì í sì í fara hàn. Níbi tí omi tutù ti ń wọ hítà, ó yẹ kí ilẹ̀kùn kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí omi wọlé, tí kì í jẹ́ kó padà. Àwọn púlọ́mbà ń pè é ní nọ́n-ritọ́ọ̀nù. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí tánkì sì gbẹ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ilé lè ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀ kó sì fa omi inú hítà ti òkè padà láìmọ̀. Hítà á ṣófo. Bí iná bá dé lóru tí súwíìsì rẹ̀ ṣì wà ní títàn, inú afẹ́fẹ́ ni ẹ́límẹ́ǹtì yóò ti máa jó, á sì bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì tí a ń ju sọ́dọ̀ àwọn oníirin àlòkù ló jẹ́ pé omi ni kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n kú.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí tánkì bá gbẹ, a kì í tan hítà kí a tó ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, kí a sì dúró títí omi yóò fi máa ṣàn geere láìsí afẹ́fẹ́ tó ń tu pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́.

Wáyà, ẹ̀tù, bàbà

Ẹ́límẹ́ǹtì jẹ́ páìpù tín-ín-rín tí a tẹ̀ po. Bàbà ni ara òde rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Wáyà kan tí wọ́n fi níkẹ̀lì àti krómíọ̀mù ṣe, tí wọ́n lọ́ bíi sípíríǹgì, ló wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀tù funfun kan tí wọ́n kì pinpin ló ya wáyà náà kúrò lára bàbà. Iṣẹ́ ẹ̀tù yìí ṣòro: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru kọjá, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí iná kọjá. Níwọ̀n ìgbà tó bá gbẹ, ó ń ṣe méjèèjì. Bí bàbà bá sán, tí omi wọ inú ẹ̀tù, iná ti rí ọ̀nà bọ́ sínú omi ìwẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń gba ènìyàn lọ́jọ́ náà ni wáyà ilẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé àti òféefèé, tí a so mọ́ ara irin hítà, tó sì ń sá lọ sínú ilẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n gé e kù nítorí pé hítà “ń ṣiṣẹ́ náà láìsí i.” Ó ń ṣiṣẹ́ o, títí di ọjọ́ tí ara ẹni tó ń wẹ̀ bá di wáyà ilẹ̀. Bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá ta ọwọ́ ẹni gìrì, kódà bó ṣe díẹ̀ báyìí, kí a pa hítà náà láti ibi súwíìsì, kí a má sì tàn án mọ́ títí oníná yóò fi fi mítà wò ó.

Mítà yẹn kì í purọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti pa iná pátápátá, tí a tú wáyà kúrò lórí ẹ́límẹ́ǹtì 1,500 wáàtì, ó yẹ kó ka nǹkan bí óòmù 35 láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú ti já. Bó bá ka 35, ṣùgbọ́n tó tún rí ọ̀nà láti ẹsẹ̀ kan sí ara bàbà, ẹ̀tù ti mu omi. Irú ẹ́límẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ lè máa mú omi gbóná dáadáa, ohun tó sì mú un léwu gan-an nìyẹn.

Iná tó rẹlẹ̀

Láti mú 50 lítà omi kúrò ní dígírì 27, bó ṣe ń bọ̀ láti orí tánkì, dé dígírì 65, ó ń gba yúnìtì iná 2.2. Nígbà tí yúnìtì kan ní Báǹdì A di ₦209.50 ní 2024, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ₦460 fún àgbá kan. Bí iná bá pé 230 fọ́ọ̀tì, ẹ́límẹ́ǹtì 1,500 wáàtì yóò ṣe iṣẹ́ yẹn ní wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, iná lè rẹlẹ̀ dé 160 fọ́ọ̀tì. Ènìyàn á rò pé ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà ló dín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fọ́ọ̀tì bá dín, iná tó ń ṣàn nínú wáyà dín pẹ̀lú, agbára sì jẹ́ àwọn méjèèjì lọ́nà ara wọn. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ́límẹ́ǹtì kò tó ìdajì: nǹkan bí 730 wáàtì. Omi tó yẹ kó gbóná ní wákàtí kan àti ààbọ̀ yóò gba wákàtí mẹ́ta. Owó kò pọ̀ sí i, nítorí yúnìtì kan náà ni omi jẹ. Àkókò nìkan ló gùn. Kí a tó ra ẹ́límẹ́ǹtì tuntun nítorí hítà tó lọ́ra, ó dára kí a kọ́kọ́ wo iye fọ́ọ̀tì tó ń wọlé.

Ọ̀pá méjì tí kò jọ dàgbà

Nígbà tí oníṣẹ́ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ hítà wa, mo bẹ̀ ẹ́ kó fi tẹmosítátì hàn mí. Ọ̀pá idẹ ni, ó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta, ihò kan sì wà fún un láàárín ẹ́límẹ́ǹtì kó lè máa mọ bí omi ṣe gbóná tó. Òfìfo ni inú idẹ náà. Ọ̀pá mìíràn ló wà nínú rẹ̀, irin àdàlù kan tí wọ́n ń pè ní ínfà, tí a so mọ́ idẹ náà ní orí nìkan.

Bí omi bá ń gbóná, idẹ á máa gùn. Ínfà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn rárá. Charles Édouard Guillaume, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló rí irin yìí ní 1896, iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú irin bẹ́ẹ̀ ló sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1920. Bí idẹ ṣe ń gùn ló ń fa ìdí ínfà kúrò lára súwíìsì kékeré tó wà nísàlẹ̀. Láti dígírì 27 dé 65, gbogbo ohun tí ọ̀kan fi gùn ju èkejì lọ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Lórí ìyàtọ̀ tín-ín-rín yẹn ni súwíìsì fi ń ta kẹ́, tí iná á sì já. Bí omi bá tún tutù ní dígírì mélòó kan, á ta kẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, iná á sì padà.

Nítorí èyí ni yíyí bọ́tìnì tẹmosítátì sókè pátápátá kò fi ń mú omi yára gbóná. Ẹ́límẹ́ǹtì kan náà ló ń ṣiṣẹ́, ní agbára kan náà. Ibi tí yóò dúró nìkan ni a sún síwájú.

Bọ́tìnì pupa

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹmosítátì ni olùṣọ́ kejì wà. Bí súwíìsì àkọ́kọ́ bá lẹ̀ pọ̀ tí kò lè já mọ́, omi á kọjá dígírì 65, á máa lọ. Kó tó dé ibi tó ti ń hó, olùṣọ́ kejì yóò já iná pátápátá. Kì í dá padà fúnra rẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bọ́tìnì tó ń yọ léraléra ń sọ fún wa pé tẹmosítátì ti bàjẹ́. Ẹni tó bá so wáyà kọjá lórí rẹ̀ kí hítà má baà máa kú ti lé olùṣọ́ kan ṣoṣo tó kù tó ń mọ bí omi ṣe gbóná sí kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Pọ́ọ̀ wọ́tà kan àti ààbọ̀

Omi tó ń gbóná ń fẹ̀. Ojú kì í rí i nínú ìkòkò, nítorí pé ìkòkò ṣí sílẹ̀ lókè. Nínú àgbá tó kún, ó gbọ́dọ̀ wá ibì kan lọ. 50 lítà tó kúrò ní dígírì 27 dé 65 ń fi nǹkan bí 0.8 lítà pọ̀ sí i, ìyẹn pọ́ọ̀ wọ́tà kan àti ààbọ̀.

Bí kò bá sí nọ́n-ritọ́ọ̀nù, ìwọ̀nba yìí á padà sínú páìpù omi tutù, á gbabẹ̀ lọ sí tánkì lókè, ẹnikẹ́ni kì í sì í mọ̀. Bí nọ́n-ritọ́ọ̀nù bá wà, ọ̀nà ẹ̀yìn ti dí. Ọ̀nà kan ló kù: ihò kékeré tó wà lábẹ́ sẹ́fítì fáàfù, irin kan tó ní ọwọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a dè mọ́ ẹnu páìpù búlúù. Nọ́n-ritọ́ọ̀nù sábà máa ń wà nínú fáàfù yìí kan náà. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti ihò náà pa. Bí omi bá ti sípíríǹgì débi tí wọ́n ṣe é fún, ihò á là, omi á kán díẹ̀, á sì tún pa dé.

Ìdí nìyí tí fáàfù fi ń kán nígbà tí hítà bá ń ṣiṣẹ́, tí kì í sì í kán nígbà tó bá tutù. Kò bàjẹ́. Bó bá ń kán tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí hítà wà ní pípa, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti há sí i lẹ́nu, tàbí pé ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú ilé ń tì í ju bó ṣe yẹ lọ.

Òǹkà 8

Wọ́n kọ òǹkà 8 sára fáàfù ilé wa. Báà mẹ́jọ ni. Báà kan jẹ́ ìwọ̀n tí omi tó ga ní nǹkan bí mítà 10 fi ń tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tánkì wa fi mítà mẹ́jọ ga ju hítà lọ, nítorí náà kò tẹ̀ ẹ́ tó báà kan. Kí tánkì tó lè tẹ̀ ẹ́ ní báà mẹ́jọ, a ní láti gbé e lọ sí gíga mítà 80, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tó ga ní mítà 105.

Púlọ́mbà kan fi èyí jiyàn fún mi pé fáàfù kò wúlò níbi tí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí tánkì. Ohun tó gbàgbé ni pé ní kété tí nọ́n-ritọ́ọ̀nù bá ti pa dé, àgbá kò bá tánkì tan mọ́. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bó bá gbóná ní ìwọ̀n díẹ̀ péré nínú àgbá tó dí, yóò ti kúrò ní báà kan dé mẹ́jọ. Kò sí ohun tí gíga tánkì lè ṣe sí i.

Kápù tí wọ́n fi dí i

Ní Màfólúkù, lágbègbè Òṣòdì, àǹtí mi rí omi tó ń kán lábẹ́ hítà wọn, ògiri sì ti ń rin. Wọ́n pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ náà lọ kápù mọ́ ihò fáàfù, ó ní, “Màmá, mo ti bá yín dí i. Kò ní kán mọ́.” Kò kán mọ́ lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo lọ kí wọn. Mo ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná láti fọ ọwọ́. Omi tú yàà bí ẹni tí wọ́n lé, lẹ́yìn náà ó rọ̀ sí bó ṣe máa ń ṣàn. Mo pa á, mo dúró bí ìdajì wákàtí tí hítà fi wà ní títàn, mo tún un ṣí. Ó tún tú yàà. Mo wo ìsàlẹ̀: ìlà àwọ̀ ìpẹtà ti ń ṣàn láti ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè ẹ́límẹ́ǹtì mọ́ àgbá. Omi tí wọ́n dí lọ́nà ń wá ọ̀nà mìíràn.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa á ná.” Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní, “Ṣé ó tún fẹ́ máa da omi sí mi lára ògiri ni?” Mo ṣàlàyé pé omi díẹ̀ tó ń kán yẹn ni àlàáfíà àgbá. Tẹmosítátì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ sí omi tó ń yọ́ jáde. Ká ní òun náà kú pẹ̀lú olùṣọ́ kejì ni, omi yóò máa gbóná lọ. Omi tí a há mọ́ ní báà mẹ́jọ kì í hó ní dígírì 100. Ó lè dé nǹkan bí 175 láìhó. Bí irin bá ya lójijì níbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú méje omi náà yóò di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, lítà kan omi sì ń di èéfín tó ju 1,600 lítà lọ. Láti inú àgbá 50 lítà, èéfín tó lè kún tánkì 1,000 lítà mẹ́wàá yóò bú jáde nínú balùwẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 1982, àgbá tí wọ́n fi ń se omi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Star ní Spencer, ìpínlẹ̀ Oklahoma, bú gbàmù. Ènìyàn méje ló kú. Gáàsì ló ń se tiwọn, ṣùgbọ́n omi kan náà ni, èéfín kan náà sì ni.

A yọ kápù. A ra fáàfù tuntun, a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ihò rẹ̀, a jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé ojú ihò omi balùwẹ̀. A kò fi ẹ̀rọ kankan sí ẹnu rọ́bà náà, a kò sì tẹ̀ ẹ́ sínú omi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àǹtí mi fi abọ́ gbè é kí wọ́n lè rí i fúnra wọn. Láàárọ̀, omi abọ́ náà kò kún lítà kan.

Ohun tí fáàfù kò gbọ́

Irú fáàfù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, títẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, kò gbọ́ ooru. Èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ní ọ̀pá kan tó wọ inú omi lókè àgbá, á sì là bí omi bá dé dígírì 99, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Tiwa wà nísàlẹ̀, lẹ́nu omi tutù. Nítorí náà, sẹ́fítì fáàfù tó dára kò ní kí a fojú fo bọ́tìnì pupa. Ọ̀kan ń ṣọ́ títẹ̀, èkejì ń ṣọ́ ooru, kò sì sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Abọ́ tánganran

Gbogbo ẹni tó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń lo abọ́ tánganran mọ̀ pé ibi tó bá ti fọ́ lára rẹ̀ ni yóò ti dípẹtà. Irú ohun dídán yẹn gan-an ló wà nínú ọ̀pọ̀ àgbá hítà. Kò sí àgbá tó dán délẹ̀délẹ̀ láìní àbùkù. Nítorí náà, wọ́n fi ọ̀pá magnísíọ̀mù kan kọ́ sínú omi. Omi á máa jẹ ẹ́ dípò irin. Òun ni ẹran tí a so mọ́lẹ̀ kí ẹkùn má baà wọlé.

Omi kànga ẹ̀rọ ní apá tiwa ní ìpẹtà nínú, ó sì sábà máa ń kan díẹ̀. Ẹ wo ara gárawá funfun tó bá ti pẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń jẹ magnísíọ̀mù kíákíá. Bí oníṣẹ́ bá ṣí hítà lẹ́yìn ọdún kan, kí ó yọ ọ̀pá náà. Bó bá ti tín-ín-rín débi tí wáyà inú rẹ̀ fi yọ síta, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá ṣe é, àgbá fúnra rẹ̀ ni omi yóò kàn.

Sátidé ìgbẹ̀yìn

Ní Sátidé ìgbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ tí Èkó fi ń ṣe ìmọ́tótó àyíká kí wọ́n tó dá a dúró ní 2016, mo ṣì máa ń gbálẹ̀ àgbàlá. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé abọ́ sábẹ́ hítà, mo sì máa ń gbé ọwọ́ kékeré ara sẹ́fítì fáàfù sókè. Bí omi bá tú jáde, tó sì dá bí mo ṣe fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ara rẹ̀ le. Bí omi kò bá jáde, ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ pa, fáàfù tuntun la ó rà. Bó bá jáde tí kò dá, ìdọ̀tí ló há sí i. Màá gbé e sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì sí i kí omi fọ̀ ọ́.

Lóṣù tó kọjá, àǹtí mi pè mí láti Màfólúkù. Wọ́n ní, “Mo ti gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè. Ó tú, ó sì dá.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ó ṣì ń kán lálẹ́ o.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó máa kán.”